Lẹ́tà owó ilé ìwé tó dé sórí fóònù: ìbéèrè àwọn òbí wa àgbà, àti ìdáhùn wọn

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá tó ń san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ wọn ni kì í fojú kan lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n ń rí lórí fóònù, èdè Òyìnbó ló sì wà nínú rẹ̀. Nídìí tábìlì akápò ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù gbogbo. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà fún àgbà lè ka ìdáhùn náà sí wọn létí bó ṣe wà.

Kí ni lẹ́tà yìí ń sọ gan-an?

Ohun mẹ́ta ló ń sọ: iye tí ilé ìwé ń retí, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó dé, àti àkáǹtì tí ẹ máa san án sí. Ọ̀rọ̀ gígùn tó wà lókè, tó ń kí òbí àti alágbàtọ́ kú ìsinmi, ọ̀kan náà ni wọ́n tẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ṣe àpẹẹrẹ, òun la ó máa tọ́ka sí títí dé ìsàlẹ̀. Ti ọmọkùnrin kan ni, tó wà ní JSS 2, táàmù kìíní sáà 2025/2026. Wọ́n kọ owó ẹ̀kọ́ 85,000 náírà, owó ìdàgbàsókè ilé ìwé 10,000, owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ 8,000, owó kọ̀ǹpútà 4,000, owó ìdánwò àti káàdì èsì 3,500, àti owó ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́ 2,000. Wọ́n ro ó pọ̀ sí 112,500. Lábẹ́ ìyẹn, 27,500 wà lórí ìlà kan, (20,000) wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, 120,000 sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ṣé mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n kọ síwájú owó ẹ̀kọ́ yẹn ni?

Rárá o. 85,000.00 ni wọ́n kọ. Òdo méjì tó wà lẹ́yìn àmì tín-ín-rín yẹn, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe náírà. Láti oṣù kìíní ọdún 1973 tí a ti pa owó pọ́n-ùn tì, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ló ń di náírà kan, báyìí ni àwọn oníṣirò sì ṣe ń kọ ọ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ná kọ́bọ̀ mọ́. Àwọn ilé ìwé mìíràn á fi K sí ìparí rẹ̀, kọ́bọ̀ náà ni.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ fi ọwọ́ bo òdo méjì ìkẹyìn, kí ẹ wá ka ìyókù. Fún àwọn tó ṣì ń fi ọ̀kẹ́ ka owó, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Owó ẹ̀kọ́ yẹn jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rin lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Gbogbo ohun tí lẹ́tà náà ń béèrè jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́fà géérégé. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá àgbà máa ń mí kanlẹ̀ tí a bá sọ ọ́ báyìí fún wọn.

Iye mẹ́rin ni mo rí nísàlẹ̀. Èwo ni kí n san nínú wọn?

Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni, 120,000. Àwọn tó kù ń sọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ ni. 112,500 jẹ́ owó táàmù tuntun. 27,500 tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ owó tó kù láti táàmù tó kọjá. Wọ́n sábà máa ń kọ Bal. b/f sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjèèjì pa pọ̀ di 140,000.

Ẹ wá wo 20,000 tó wà nínú àkámọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà jù. Tí oníṣirò bá fi àkámọ́ yí owó ká, yíyọ ló ń yọ ọ́, kò fi kún un. Owó tí ẹ ti san sílẹ̀ ṣáájú ni, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú 140,000, òun ló fi ku 120,000. Ẹni tó bá rò pé àfikún ni á lọ san 160,000. Ilé ìwé tó bá mọ ohun tó ń ṣe á pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, àmọ́ kí ẹ má fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Àwọn kan kì í lo àkámọ́, CR ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ owó náà. Tí ẹ bá rí CR, tiyín ló wà lọ́wọ́ ilé ìwé. Tí ó bá jẹ́ DR, tiwọn ló wà lọ́wọ́ yín.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé a jẹ gbèsè. Báwo ni 27,500 ṣe wọ inú rẹ̀?

Ẹ má tíì bínú sí ọmọ, ẹ má sì tíì san án. Ẹ kọ́kọ́ wá rìsíìtì táàmù tó kọjá. Nínú èyí tí mo ti rí, ọ̀nà mẹ́ta ni irú gbèsè yìí sábà máa ń gbà dé. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n san án ku díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwé fi owó kan kún un láàárín táàmù, bíi owó ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tàbí ìwé, tí ọmọ sì gbàgbé láti sọ nílé. Ẹ̀kẹta ló ń dun èmi jù: owó wọlé sí àkáǹtì ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ọmọ lára rẹ̀, akápò ò sì mọ ti ẹni tó jẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò ọmọ náà jáde fún yín, èyí tó ń fi gbogbo owó tó wọlé àti ọjọ́ tó wọlé hàn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè fún un. Tí iye kan tí ẹ san kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó yín jáde, kí wọ́n wá a nínú àkáǹtì báńkì wọn ní ọjọ́ yẹn.

Ṣé dandan ni kí n san gbogbo ohun tí wọ́n kọ?

Owó ẹ̀kọ́ àti owó ìdánwò, dandan ni. Owó ìdàgbàsókè náà, dandan ni wọ́n kà á sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lójúmọ́. Ilé kíkọ́ àti àtúnṣe ni wọ́n ń fi ṣe.

Àwọn tó lè jẹ́ ti ẹni tó bá wù ni owó bọ́ọ̀sì, oúnjẹ ọ̀sán, ẹgbẹ́ eré ìdárayá, àti nígbà mìíràn lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àpapọ̀. Nínú lẹ́tà tiwa yìí, wọ́n kọ 15,000 owó bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀. Kò sí nínú 120,000. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé kò jẹ ẹ́.

Lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ 8,000 wà nínú àpapọ̀ ní tirẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kà á mọ́ dandan. Tí ọmọ kì í bá dúró fún un, ẹ pe ilé ìwé kí ẹ tó san, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n sì fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́. Tí ẹ bá kàn dá a yọ fúnra yín, táàmù tó ń bọ̀ ni ẹ máa bá a ní ìlà gbèsè.

Táàmù kan ni owó yìí wà fún, àbí ọdún kan?

Táàmù kan ni, àyàfi tí lẹ́tà bá sọ pé ti sáà ni. Sáà kan ní táàmù mẹ́ta: èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, àti èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ má sì fi mẹ́ta sọ 112,500 di púpọ̀ tààrà, torí pé àwọn owó kan, bíi owó ìdàgbàsókè, lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ọjọ́ méjì ni mo rí. Èwo ni ọjọ́ ìsanwó?

15/09/2025 jẹ́ ọjọ́ ìwọlé. 26/09/2025 ni ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti dé. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ ló ń ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e. Nítorí náà, lẹ́tà tó bá kọ 09/01/2026 ń sọ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, kì í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń ka èyí sódì, torí pé oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀ pé ọjọ́ ṣì jìnnà, ẹ tún un wò.

Ṣé mo lè san án díẹ̀díẹ̀?

Ẹ wo ìpínrọ̀ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì. Nínú lẹ́tà yìí, wọ́n ní kí òbí san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà ìwọlé, kó san ìdá 40 tó kù kí ìsinmi àárín táàmù tó dé. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé ìdá 60 kí ni? Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í pín gbèsè àtẹ̀yìnwá. Owó táàmù tuntun nìkan ni wọ́n ń pín, gbèsè gbọ́dọ̀ wọlé lódindi.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe máa rí nìyí. Ìdá 60 nínú 112,500 jẹ́ 67,500. Ẹ fi gbèsè 27,500 kún un, ó di 95,000. Ẹ yọ 20,000 tí ẹ ti san, ó ku 75,000. Ìyẹn ni ẹ máa san nígbà ìwọlé. Ìyókù jẹ́ 45,000. Tí ẹ bá ro 75,000 pọ̀ mọ́ 45,000, 120,000 náà ló jẹ́, kò lé, kò dín. Ẹni tó bá ṣe ìdá 60 nínú 120,000 á mú 72,000 wá, 3,000 á sì kù tí kò ní mọ ibi tó ti wá. Irú nǹkan kékeré báyìí ni wọ́n fi ń dá ọmọ padà sílé lẹ́nu géètì.

Fọ́tò náà ṣú, nọ́ńbà kan ò hàn dáadáa. Ṣé kí n fojú bù ú?

Ẹ má fojú bù ú. Nínú fọ́tò tó ṣú, 3 àti 8 máa ń jọra, bẹ́ẹ̀ ni 1 àti 7, 5 àti 6. Ti owó ṣì rọrùn díẹ̀, torí pé ẹ lè ro àwọn ìlà pọ̀ kí ẹ fi wé àpapọ̀. Ká ní owó ìdánwò ṣú tí ẹ ò mọ̀ bóyá 3,500 ni tàbí 8,500, ẹ ro márùn-ún yòókù: 109,000. Àpapọ̀ jẹ́ 112,500, nítorí náà 3,500 ni. Nọ́ńbà àkáǹtì kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un yà. Kó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó pa iná fóònù kó má baà tàn lójú ìwé, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé sì wọ inú fọ́tò. Kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n sábà máa ń tẹ ìlànà ìsanwó àti owó tí wọn kì í dá padà sí, ọmọ kì í sì rántí yà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àkáǹtì ilé ìwé ni lóòótọ́?

Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ mẹ́wàá. Tí ẹ bá ka mẹ́sàn-án, ọ̀kan ti gé sí etí fọ́tò. Nọ́ńbà ìkẹyìn, ìṣirò ni wọ́n fi mú un jáde láti inú àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi sábà máa ń kọ̀ tí ẹ bá ṣi ọ̀kan tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè mọ̀ bóyá ẹni tí ẹ ń sanwó fún ni ẹni tó yẹ kí ẹ san án fún.

Kí owó tó kúrò, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde lójú fóònù. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ kà á. Orúkọ ilé ìwé ló yẹ kó jáde. Tí ó bá jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Àkáǹtì orí fóònù ni, ti ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń jẹ́. Àwọn ilé ìwé kékeré kan wà tó ṣì ń gba owó sí àkáǹtì olùdásílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jìbìtì, àmọ́ ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Fọ́tò rọrùn láti yí. Ẹni ibi lè pa nọ́ńbà àkáǹtì rẹ́ kó fi tirẹ̀ síbẹ̀, kí gbogbo ìyókù lẹ́tà sì wà bó ṣe wà. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí lẹ́tà yẹn náà lè jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ilé ìwé tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè, tàbí èyí tó wà lórí rìsíìtì àtijọ́. Ẹ ní kí akápò ka àkáǹtì náà fún yín, kí ẹ máa fojú tẹ̀ lé e nínú fọ́tò.

Ọ̀dọ̀ oní-POS ìgboro ni mo ti ń san. Ṣé kò sí wàhálà?

Kò sí, tí ẹ bá mọ ohun kan: orúkọ oní-POS ni ilé ìwé máa rí, wọn ò ní rí tiyín. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń rí owó tó wọlé lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí a ò mọ̀ rí. Ẹ ní kó kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀ àti táàmù sí ibi tí wọ́n ń kọ ìdí tí wọ́n fi fi owó ránṣẹ́. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ní ibẹ̀, ìwé pélébé tó máa já fún yín nìkan ni ẹ̀rí yín.

Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: iye, orúkọ ilé ìwé, ọjọ́, àti nọ́ńbà gígùn ìdánimọ̀ ìsanwó náà. Tí owó bá lọ láti báńkì kan sí òmíràn, nọ́ńbà yẹn máa ń jẹ́ ẹyọ 30, òun ni báńkì fi ń tọpa owó tó bá sọnù. Ìwé pélébé yẹn sì máa ń ṣá. Tí ooru bá mú un nínú pọ́ọ̀sì, ó di funfun báláú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rí pé owó kúrò lọ́wọ́ yín ni o. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì ilé ìwé, èyí tó ń jẹ́rìí pé ó dé ọwọ́ wọn.

Awólọ́wọ̀ ló sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Kí ló dé tí a tún ń sanwó?

Òótọ́ lẹ sọ. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, púpọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí ló sì jẹ nínú rẹ̀. Òfin ṣì wà títí dòní. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdírì kékeré jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé ìjọba. Aládàáni kò sí lábẹ́ ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wo orí lẹ́tà kí ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́. Tí ó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba, tí wọ́n sì kọ owó ẹ̀kọ́ síbẹ̀ fún ọmọ JSS 2, ẹ má san án kí ẹ tó béèrè ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Owó ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ìpàdé òbí ló ń dá a lé.

Wọ́n ní ọmọ ò ní ṣèdánwò tí owó ò bá pé, owó náà ò sì tíì sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ilé ìwé máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òbí tó tètè yọjú, tó sì mú díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ ìwé kúkúrú sí ọ̀gá ilé ìwé, Yorùbá náà dára tí kò bá sí ẹni tó máa bá yín kọ Òyìnbó. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀, iye tí ẹ ti san àti ọjọ́ tí ẹ san án, iye tó kù, àti ọjọ́ tí ẹ máa mú un wá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn á jẹ́ pé ẹ ti san 75,000, ó ku 45,000, ẹ ó sì mú un wá lẹ́yìn tí ẹ bá ta kòkó tàbí tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé.

Ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò kí ẹ tó fi sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún olùkọ́ kíláàsì pẹ̀lú, torí olùkọ́ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò pẹ̀lú orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀dà náà sínú àpò ìwé ọmọ lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́.